Ṣọ́ọ̀bù Inú Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ní Adó-Èkìtì: Bí Ìwé Àdéhùn Ṣe Lè Dá Aládùúgbò Dúró Kí Ó Má Ta Ọjà Tí Ẹ Ń Tà

Bí ènìyàn bá gba ṣọ́ọ̀bù ní kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníṣòwò mìíràn wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, gbólóhùn méjì nínú ìwé àdéhùn ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè ta kí ni. Èkíní ni gbólóhùn ìlò, tí ó sọ irú òwò tí ayálégbé lè ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Èkejì ni èyí tí a ó máa pè ní gbólóhùn àdátà, tí onílé fi ṣèlérí pé ayálégbé kan ṣoṣo ni yóò máa dá ta ọjà báyìí-báyìí nínú kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì náà. Ọ̀pọ̀ ayálégbé gbà pé bí gbólóhùn àdátà bá ti wọ inú ìwé àwọn, ọ̀nà ti dí mọ́ aládùúgbò nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlérí tí onílé ṣe fún yín, onílé ni ó dè. Ohun tí ó de aládùúgbò ni gbólóhùn ìlò tí òun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ààbò gidi gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé tirẹ̀ àti ìwé àwọn tí ó yí i ká ń sọ ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà dópin. Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì oníṣọ́ọ̀bù mẹ́fà kan wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì. Aránṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kìíní, ẹni tí ń ta mílíìkì, búrẹ́dì àti ohun jíjẹ inú agolo wà ní ìkejì, oníkẹ́míìsì wà ní ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà sì ṣófo. Obìnrin kan fẹ́ gba ìkẹta fún ọdún mẹ́ta, ní 480,000 náírà lọ́dún, láti máa ta ẹja yìnyín, ìyẹn títúsì, kọ́tẹ̀, pańla àti ṣáwá, pẹ̀lú adìyẹ àti tòlótòló. Yóò gbé díípù fíríísà mẹ́ta wọlé, yóò ra jẹnẹrétọ̀, yóò sì fa wáyà tí ó lè gbé wọn. Owó wáyà àti ti àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé kó lọ bí òwò bá bàjẹ́, nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ kí onílé ṣèlérí pé òun nìkan ni yóò máa ta ọjà yìnyín níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ohun tí ìwé àwọn tí ẹ bá níbẹ̀ fàyè gbà

Ìlérí tí onílé ṣe lónìí kò lè gba ẹ̀tọ́ tí ó ti fún ẹlòmíràn ṣáájú. Bí ìwé oníṣọ́ọ̀bù kejì bá sọ pé ó lè fi ibẹ̀ ṣe "òwò èyíkéyìí tí òfin gbà láàyè", ó lè gbé fíríísà wọlé lọ́la kí ó sì kó títúsì kún inú rẹ̀, onílé kò sì ní rí ohun kan dì mú nínú ìwé náà láti fi dá a dúró títí ọdún tí ó san owó rẹ̀ yóò fi pé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí bí kò bá sí ìwé kankan ju rìsíìtì tí a kọ "owó ṣọ́ọ̀bù kan fún ọdún kan" sí, èyí tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàrin àwọn onílé wa. Rìsíìtì tí kò dárúkọ òwò kò de ẹnikẹ́ni mọ́ òwò kan.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí onílé tàbí àjẹ́ǹtì rẹ̀ fi ojú ewé tí gbólóhùn ìlò wà nínú ìwé ayálégbé kọ̀ọ̀kan hàn yín. Ó lè fi ọwọ́ bo iye owó tí wọ́n ń san, ìyẹn kò kàn yín. Ohun tí ẹ nílò ni òwò tí ìwé dárúkọ àti ọjọ́ tí àkókò ayálégbé náà yóò parí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so ìwé náà mọ́ àdéhùn yín gẹ́gẹ́ bí àfikún tí onílé buwọ́ lù. Bí ẹ bá rí ayálégbé tí ìwé rẹ̀ kò dè, ẹ kò lè ṣe ju kí ẹ gba ìlérí onílé pé nígbà tí ẹni náà bá fẹ́ sanwó ọdún tuntun, ìwé tí ó ní gbólóhùn ìlò nínú ni yóò buwọ́ lù. Nínú àpẹẹrẹ wa, a rí i pé rìsíìtì nìkan ni oníṣọ́ọ̀bù kejì ní, oṣù márùn-ún ni ó sì kù kí ọdún rẹ̀ pé. Fún oṣù márùn-ún yẹn, oníṣòwò ẹja kò ní ààbò kankan lọ́dọ̀ aládùúgbò tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, ó sì yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dárúkọ ọjà, ẹ má dúró lórí orúkọ òwò

Ibí yìí ni mo rò pé ó ń pa ayálégbé lára jù. Bí ìwé bá sọ pé onílé kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe "òwò ẹja yìnyín", ẹ wo ohun tí oníṣọ́ọ̀bù kejì yóò sọ nígbà tí a bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ fíríísà kan tí ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí búrẹ́dì rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò ṣòwò ẹja o. Ohun jíjẹ inú agolo ni mò ń tà. Tòlótòló díẹ̀ yìí, àwọn kọ́sítọ́mà mi ló ń béèrè rẹ̀." Nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀nà méjì ni ó gbà bọ́. Tòlótòló kì í ṣe ẹja, bẹ́ẹ̀ ni títa díẹ̀ nínú ọjà ẹlòmíràn kò sọ ọ́ di ẹni tí ń ṣe òwò ẹni náà. Kì í sì í ṣe àwáwí lásán. Nínú ẹjọ́ Stuart àti Diplock, tí ilé ẹjọ́ dá ní England lọ́dún 1889, àdéhùn náà sọ̀rọ̀ nípa òwò aṣọ obìnrin. Ilé ẹjọ́ ní pé aládùúgbò tí ń ta díẹ̀ nínú irú ọjà tí àwọn oníṣòwò aṣọ obìnrin ń tà, mọ́ òwò mìíràn tí ó ń ṣe, kò tíì ṣe òwò tí àdéhùn náà dárúkọ. Ìdájọ́ England kò de ilé ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n láti inú òfin wọn ni òfin ilé-yíyá wa ti ṣẹ̀ wá, lọ́yà ẹni kejì yóò sì kà á sétí adájọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ìwé sọ ni pé a kò gbọ́dọ̀ ta ọjà kan, kí a sì to ọjà náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni lọ́yà yóò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí báyìí: "Ẹja, adìyẹ, tòlótòló, gísáàdì àti ẹran èyíkéyìí tí a fi yìnyín mú gan tí a kò tíì sè, yálà a ń tà á ní odidi páálí, ní kílò tàbí ní ẹyọ, yálà òun ni olórí òwò inú ṣọ́ọ̀bù náà tàbí a kàn fi kún òwò mìíràn." Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn yẹn ni ó dí ọ̀nà tí oníṣọ́ọ̀bù kejì fẹ́ gbà bọ́.

Àmọ́ onílé kò ní gbà kí ẹ fi gbólóhùn kan lé àwọn ayálégbé yòókù kúrò nídìí oúnjẹ wọn, kò sì yẹ kí ó gbà. Ẹ sọ ohun tí kò sí nínú ìdènà náà, gẹ́gẹ́ bí omi tútù, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, áíìsì kírímù, àti ẹja tí a ti dín tàbí tí a ti sè. Àwọn lọ́yà kan máa ń kọ ọ́ pé aládùúgbò lè ta ọjà náà bí owó tí ó ń rí lórí rẹ̀ kò bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún òwò rẹ̀ lọ. Èmi kò fara mọ́ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, nítorí pé ta ni yóò fi ìwé ìṣirò òwò rẹ̀ hàn yín? Ẹ lo ìwọ̀n tí ojú lè rí láti ẹnu ọ̀nà. Nínú àpẹẹrẹ wa, obìnrin náà àti onílé fẹnu kò pé oníṣọ́ọ̀bù kejì lè ní fíríísà kan ṣoṣo tí kò ju lítà 200 lọ, fún omi, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti áíìsì kírímù nìkan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìdènà náà fẹ̀ ju òwò yín lọ. Bí obìnrin yìí bá kọ "gbogbo ohun jíjẹ" síbẹ̀, yóò bá oníṣọ́ọ̀bù kejì jà lórí búrẹ́dì tí òun kò tilẹ̀ tà. Àwọn ilé ẹjọ́ kì í fi ìrọ̀rùn tú ìdènà òwò sí ọ̀nà tí yóò fi fẹ̀ ju bí a ṣe kọ ọ́ lọ, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà sì lòdì sí àdéhùn tí ó bá ń dí ìdíje lọ́wọ́ nínú ọjà. Ṣọ́ọ̀bù kan nínú mẹ́fà, nínú ìlú tí ẹja yìnyín pọ̀ káàkiri, jìnnà sí irú ohun tí òfin náà ń bá wí. Àmọ́ bí ẹni kan bá ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò kan, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba ìlérí onílé ní abala mẹ́ta

"N kò ní yá ṣọ́ọ̀bù mìíràn fún ẹni tí yóò ta ọjà yìnyín" dára létí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí onílé ń yá ṣọ́ọ̀bù jáde nìkan ni ó ń ṣọ́. Bí ó bá yá ìkarùn-ún fún ẹni tí ó ní bàtà ni òun yóò tà, tí ẹni náà sì yí padà sí adìyẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, onílé lè sọ pé òun kò yẹ ìlérí, nítorí pé oníbàtà ni òun yá a fún. Ìdí nìyí tí abala kejì fi gbọ́dọ̀ wà: onílé kò ní fàyè gbà á, kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìyọ̀ǹda láti yí òwò padà sí i, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní tà á níbẹ̀. Abala kẹta ni pé yóò fi ìdènà náà sínú gbogbo ìwé àdéhùn tuntun àti ti àtúnṣe, àti pé bí ayálégbé kan bá rú u, yóò gbé ìgbésẹ̀ láàrin ọjọ́ 30 tí ẹ bá fi ìwé tó o létí, ní owó ara rẹ̀.

Ẹ sọ ibi tí ìlérí náà dé pẹ̀lú. Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan. Àwọn onílé wa máa ń yá iwájú ilé fún oníbúkà, ẹni tí ń tajà lábẹ́ agboòrùn àti ẹni tí ó gbé kọ̀nténà kalẹ̀, bí wọn kò bá sì sí nínú àdéhùn, ibẹ̀ ni fíríísà yóò gbà wọlé. Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàrin ògiri kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì àti ojú títì ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àti ilẹ̀ èyíkéyìí tí onílé bá rà mọ́ ọn. Ilé tí ó wà ní òdìkejì títì, tí ẹlòmíràn ni ín, kò sí ìwé tí ó lè dé ibẹ̀.

Ẹnì kan lè rò pé bí onílé bá ti mọ̀ pé ẹja ni òun ń tà, òfin fúnra rẹ̀ kò ní gbà kí ó fi oníṣòwò ẹja mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìrètí asán ni. Nínú ẹjọ́ Port àti Griffith ti ọdún 1938, ẹni tí ń ta òwú ìhunṣọ bá onílé rẹ̀ ṣẹjọ́ nítorí pé ó yá ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí òwò wọn fara jọra, ilé ẹjọ́ sì ní pé onílé kò ṣẹ̀, níwọ̀n bí ìdíje nìkan kò ti sọ pé ṣọ́ọ̀bù tí ó yá a kò wúlò mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ rí gbólóhùn ìlò tí yóò wọ inú ìwé aládùúgbò

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ́. A lè sọ pé ayálégbé yóò lo ṣọ́ọ̀bù "fún títa ohun jíjẹ inú agolo, mílíìkì àti búrẹ́dì nìkan", a sì lè sọ pé kò gbọ́dọ̀ ta "àwọn ọjà tí a tò sínú àfikún". Ẹ ní kí wọ́n fi méjèèjì sí i. Èkíní máa ń ní ọ̀rọ̀ náà "àfi bí onílé bá fọwọ́ sí i" lẹ́yìn, tàbí kí ó sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ láìnídìí, ayálégbé sì lè fi ìyẹn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yí òwò padà. Èkejì kò gbọ́dọ̀ ní àyè ìyọ̀ǹda kankan.

Ẹ ka gbólóhùn ìlò tiyín náà. Bí a bá kọ "ẹja àti ẹran yìnyín nìkan" fún obìnrin yìí, kò lè fi ẹyin àti òróró kún un nígbà tí iná bá ń ṣe ségesège tí ọjà yìnyín sì ń bàjẹ́. Ó dára kí ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹyin, òróró àti èlò ọbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún rí i pé kò sí ìkankan nínú wọn tí onílé ti ṣèlérí fún oníṣọ́ọ̀bù kejì pé òun nìkan ni yóò máa tà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ pinnu ẹni tí ẹ lè pè lẹ́jọ́

Ayálégbé kejì kò bá yín ṣe àdéhùn, onílé ni ó bá ṣe é, nítorí náà bí ó bá rú gbólóhùn ìlò rẹ̀, onílé ni ó ní ẹ̀tọ́ láti mú un. Bí onílé bá káwọ́ gbera, onílé náà ni ẹ ó pè lẹ́jọ́ lórí ìlérí abala kẹta. Ọ̀nà kan wà tí ayálégbé fi lè dojú kọ ayálégbé ní tààrà, ìyẹn nígbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá wà lábẹ́ ètò kan náà. Nínú ẹjọ́ Williams àti Kiley, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti England àti Wales dá lọ́dún 2002, ìlà ṣọ́ọ̀bù márùn-ún ni ó wà, ìwé ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì kọ̀ fún un láti ṣe òwò tí àwọn yòókù ń ṣe. Ilé ẹjọ́ rí i pé ètò kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀, ó sì gbà kí ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn àti sìgá mú aládùúgbò rẹ̀ láìfi ti onílé ṣe.

Láti lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́ ní Adó, àfikún kan náà gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ó sọ òwò ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan àti ọjà tí àwọn yòókù kò gbọ́dọ̀ tà, kí gbólóhùn kan sì sọ gbangba pé nítorí àǹfààní gbogbo ayálégbé ni a ṣe ṣe é, olúkúlùkù sì lè mú ẹnì kejì lórí rẹ̀. Ó rọrùn fún onílé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ṣófo. Ó ṣòro gan-an níbi tí àwọn ayálégbé bá ti ń fi rìsíìtì jókòó láti ọdún mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí onílé yóò yí padà

Bí bàbá onílé bá tà á, tàbí tí ó kú tí àwọn ọmọ sì pín kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta-mẹ́ta, ṣé ìlérí náà ṣì dúró? Nínú ẹjọ́ Thomas àti Hayward ti ọdún 1869, onílé ṣèlérí fún ẹni tí ó yá ilé ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun kò ní ṣí ilé ọtí mìíràn láàrin ìwọ̀n ìdajì máìlì. Ilé ẹjọ́ ní pé ìlérí náà kò so mọ́ ilẹ̀ tí a yá jáde, kò sì bá ilẹ̀ náà rìn dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ra kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì lè gbára lé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ní ọ̀nà mìíràn tí a fi lè mú ẹni tí ó rà á bí ó bá mọ̀ nípa ìdènà náà kí ó tó rà á, èyí tí ẹjọ́ Tulk àti Moxhay ti ọdún 1848 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni ìyẹn. Ohun tí ó dín ẹjọ́ kù ni kí onílé ṣèlérí pé òun kò ní ta apá kankan níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ń rà á kọ́kọ́ buwọ́ lùwé sí yín pé òun gba ìlérí náà. Níbi tí ilé bá jẹ́ ti ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà tí ó yẹ buwọ́ lu àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìwé náà lọ gba òǹtẹ̀ owó-orí, nítorí pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ lè kọsẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Nígbà tí ọdún mẹ́ta bá sì pé, ẹ má gba rìsíìtì lásán. Ẹ ní kí a kọ sí i pé gbogbo gbólóhùn inú àdéhùn àkọ́kọ́ ń bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí fíríísà bá yọjú

Nínú àpẹẹrẹ wa, oníṣọ́ọ̀bù kejì buwọ́ lu ìwé tuntun nígbà tí ọdún rẹ̀ pé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó gbé fíríísà ńlá kan wọlé, ó sì gbé pátákó "TÒLÓTÒLÓ WÀ" síta. Oníṣòwò ẹja gbọ́dọ̀ rán ẹnì kan lọ ra kílò kan, kí ó gba rìsíìtì, tàbí kí ó fi fóònù san owó náà kí àkọsílẹ̀ lè wà, kí ó sì ya fọ́tò pátákó náà láti ojú títì ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má baà jọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ̀wé sí onílé, kí ó dárúkọ gbólóhùn tí a rú, kí ó sì gba ìbuwọ́lù ẹni tí ó gbà á. Ọjọ́ 30 bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Kí ó má fi ìtìjú tàbí ìfaradà jẹ́ kí oṣù púpọ̀ kọjá, nítorí pé ẹni tí ó dákẹ́ pẹ́ lè pàdánù àṣẹ ìdádúró lọ́wọ́ adájọ́, kí owó gbà-má-bínú nìkan sì kù fún un.

Owó gbà-má-bínú sì ṣòro láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé tòlótòló aládùúgbò ni ó fa àdánù náà, kì í ṣe owó páálí tí ó gbówó lórí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àdéhùn sọ iye náà ṣáájú: bí onílé bá jẹ́ kí ọjọ́ 30 kọjá, ìdajì owó ṣọ́ọ̀bù yóò kúrò fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ìrúfin náà bá fi wà, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ọdún tí ń bọ̀. Owó 480,000 náírà lọ́dún jẹ́ 40,000 lóṣù, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 20,000. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ 30 náà kí fíríísà tó kúrò, 80,000 náírà ni yóò dín, obìnrin náà yóò sì san 400,000 fún ọdún kejì. Onílé tí ó mọ̀ pé owó yẹn ń lọ kì í pẹ́ kí ó tó lọ kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kejì.

Bí gbólóhùn ìdínkù bá wà, kí ìwé tí yóò bá owó tí ó dín náà lọ ṣàlàyé ìṣirò náà lóṣooṣù. Bí kò bá sí nínú ìwé, kí ayálégbé má ṣe dá owó dúró fúnra rẹ̀. Kí ó san gbogbo rẹ̀ pé, kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì pé òun kò tíì fọwọ́ sí ìrúfin náà, kí ó sì jẹ́ kí lọ́yà béèrè àṣẹ ìdádúró, nítorí pé gbèsè owó ṣọ́ọ̀bù ni ohun tí ó yá jù fún onílé láti fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.